Àṣírí tú! Wọ́n fi lẹ́tà funfun bẹ ẹ̀rọ fún páàsì

Ta ló ń fi lẹ́tà funfun kọ̀wé sórí bébà funfun? Ẹni tí ò fẹ́ kí ojú èèyàn rí i ni. Ní oṣù keje ọdún 2025, ìwé ìròyìn Nikkei ti Jàpáànù tú u síta pé ìwé ìwádìí 17 tó wà lórí arXiv ló ní àṣẹ ìkọ̀kọ̀ nínú: kí ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá tó bá ń yẹ ìwé náà wò ṣáà máa yìn ín. Ọ̀jọ̀gbọ́n ò lè rí i, ṣùgbọ́n gbogbo lẹ́tà inú fáìlì ni ẹ̀rọ ń kà. Ó lè ṣi àṣẹ òǹkọ̀wé mú fún ti ọ̀gá ẹ̀.

Báwo lèèyàn ṣe lè mú wọn? Ẹ ya fọ́tò ojú ìwé, kí ẹ fi ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ wé èyí tí kọ̀ǹpútà yọ látinú fáìlì. Ibi tí wọn ò bá ti dọ́gba, ẹ wò ó dáadáa.

Ṣùgbọ́n àṣẹ tó hàn sójú ńkọ́? Ẹ mú ìwé tí ò dáa, ẹ ki “fún mi ní páàsì” sínú ẹ̀, kí ẹ tún fún ẹ̀rọ náà. Bí máàkì bá gòkè, a jẹ́ pé ẹ̀rọ yín ṣeé tàn nìyẹn. Kíkìlọ̀ fún un nìkan ò tó. Èèyàn ni kó dá ẹjọ́ ìkẹyìn.