Iṣẹ́ Tí Ọ̀gá Mọ̀ Jù Ni Kó Kọ́kọ́ Gbé fún Ẹlòmíràn

Nígbà tí iṣẹ́ bá wọ ọ̀gá lọ́rùn, èyí tí kò yé e dáadáa tàbí èyí tó ti sú u ló máa ń yá a lára láti gbé fún ẹlòmíràn. Èyí tó mọ̀ ọ́n ṣe, tó sì fẹ́ràn, kì í fẹ́ fi sílẹ̀. Andrew Grove, ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ Intel ní Amẹ́ríkà láti 1987 sí 1998, kò fara mọ́ èyí nínú ìwé tó kọ nípa iṣẹ́ máníjà ní 1983. Ó ní iṣẹ́ tí ọ̀gá mọ̀ dunjú ló yẹ kó gbé sílẹ̀, nítorí ìyẹn ló rọrùn fún un jù láti máa bojú tó.

Ká ní ìyá kan ń ṣe máníjà békìrì n'Íbàdàn. Ìdí pípo fúláwà ló ti bẹ̀rẹ̀, títí dòní kò sì sí òru tí kì í dúró ti ẹ̀rọ ìpofúláwà. Ìwé owó ni kò yé e, ló bá kó o fún ọmọkùnrin kan tó kàwé, kò sì bojú wẹ̀yìn wò mọ́. Nígbà tó yá, owó ń dín, kò mọ ibi tó ń gbà lọ.

Pípo fúláwà gan-an ló yẹ kó fi sílẹ̀. Bó bá kàn fa ìwọ̀nba díẹ̀ nínú èyí tí wọ́n pò, yóò mọ̀ bóyá omi ti pọ̀ jù tàbí yíìsì kò tíì ṣiṣẹ́. Ní ti owó, kò pọn dandan kó máa kọ ìwé náà fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ní ohun tí yóò fi wọ̀n ọ́n. Bí àpò fúláwà kan bá ń mú búrẹ́dì 140 jáde nílé iṣẹ́ rẹ̀, àpò mẹ́wàá yẹ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,400. Bí ìwé bá sọ pé 1,250 ni, ó yẹ kó béèrè ibi tí ìyókù wà. Àwọn iṣẹ́ kan wà tí kò ṣeé gbé fún ẹnikẹ́ni: gbígba òṣìṣẹ́, dídá a dúró, àti bíbá a wí nígbà tó bá ṣẹ̀.

Ta ni kó gbé iṣẹ́ fún? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá ti ń ṣìnà, torí wọ́n máa ń wo iye ọdún tí èèyàn ti lò nílé iṣẹ́. Ọkùnrin tó ti po fúláwà fún ọdún mẹ́fà lè máa dá ṣe é, kí máníjà kàn máa yọjú síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí ọkùnrin kan náà lọ gba gbèsè lọ́wọ́ àwọn oníbàárà, ọmọ tuntun ló jẹ́ nídìí ìyẹn. Wọn gbọ́dọ̀ sọ fún un ẹni tí yóò kọ́kọ́ lọ bá, iye tó lè fi sílẹ̀ fún oníbàárà láìbéèrè, àti ọjọ́ tí yóò wá jábọ̀.

Àsìkò tí ọ̀gá ń yẹ iṣẹ́ wò ṣe pàtàkì púpọ̀. Bí kòkòrò bá wà nínú fúláwà, tí wọ́n rí i kí wọ́n tó ṣí àpò, ẹni tó tà á yóò gbà á padà. Bí wọ́n bá ti pò ó tán, ṣúgà àti bọ́tà ti bá a lọ. Bó bá jẹ́ ẹni tó ra búrẹ́dì ló rí i, orúkọ ilé iṣẹ́ ti bà jẹ́. Nítorí náà, kí máníjà lọ síbi tí iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, kó má dúró de òpin rẹ̀. Kó má sì jẹ́ kí wọ́n mọ àsìkò tí òun ń bọ̀. Kò nílò láti yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Díẹ̀ tó, bó bá yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní.

Ọ̀nà kan ṣì wà tí iṣẹ́ ń gbà padà sọ́wọ́ ọ̀gá láìfura. Òṣìṣẹ́ yóò wọlé, yóò ní, “Mà, àwọn tó ń gbé fúláwà wá ò tíì dé o.” Màmá yóò dáhùn pé, “Máa lọ, màá pè wọ́n.” Ọ̀rọ̀ kan péré yìí ti sọ máníjà di ẹni tí òṣìṣẹ́ ń dúró dè. William Oncken àti Donald Wass kọ̀wé nípa èyí ní 1974, wọ́n sì fi ìṣòro náà wé ọ̀bọ tó fò láti ẹ̀yìn òṣìṣẹ́ sẹ́yìn ọ̀gá. Ohun tó yẹ kí màmá bi í ni pé, “Kí lo rò pé ká ṣe?” Bí òṣìṣẹ́ bá ní òun yóò pè wọ́n, tí òun yóò sì yá àpò méjì lọ́dọ̀ békìrì kejì bí wọn ò bá dé kó tó di aago mẹ́rin, kí màmá fọwọ́ sí i, kó sì ní kó wá jábọ̀ ní aago márùn-ún.

Ẹ̀yin máníjà, ẹ wo iṣẹ́ tí ẹ mọ̀ jù lọ, èyí tí ẹ ṣì ń fọwọ́ ara yín ṣe. Ẹ mú ẹnì kan tó ti ń ṣe é lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, kí ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ óò kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò fún un, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún un lọ́sẹ̀ yìí.