Kí Aṣojú Ọjà San Kó Tó Lò, Tàbí Kó Lò Kó Tó San?

Ọ̀nà méjì ni àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù ní Nàìjíríà ń gbà gba owó. Prípéèdì ni ti ẹni tó ń san kó tó lò: ó ra káàdì tàbí dátà, ó sì ń lò ó títí yóò fi tán tàbí títí ọjọ́ rẹ̀ yóò fi pé. Pósítípéèdì ni ti ẹni tó ń lò kó tó san: ilé-iṣẹ́ ń ṣírò ohun tó lò, bíìlì sì ń dé ní òpin oṣù. Prípéèdì ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn láìnì tó wà nílùú. Ní ti aṣojú ilé-iṣẹ́ oògùn tó ń ti Ìbàdàn lọ sí Ìlọrin àti Àkúrẹ́, ọjọ́ tí dátà bá tán lójú ọ̀nà ni ìyàtọ̀ méjèèjì máa ń hàn jù.

Bí dátà prípéèdì bá tán tí owó ìpè ṣì wà lórí láìnì, àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ti inú owó náà yọ, iye tí wọ́n sì ń gbà máa ń wọ́n ju ti dátà tí a rà lápapọ̀ lọ. Ẹni tó ṣàkíyèsí pé owó ìpè òun ń lọ nígbà tí kò pe ẹnikẹ́ni lè fura sí èyí. Títẹ *323# ń fi iye dátà tó kù hàn. *312# ni a fi ń ra òmíràn. Bí a bá tún dátà rà kí ọjọ́ tó pé, ọ̀pọ̀ ètò máa ń da èyí tó kù pọ̀ mọ́ tuntun. Bí ọjọ́ bá ti kọjá, ó lè ṣòfò.

Pósítípéèdì kì í dúró bí dátà bá tán, ṣùgbọ́n ó ní òdiwọ̀n gbèsè. Bí ìlò bá dé òdiwọ̀n yìí, ilé-iṣẹ́ lè ti láìnì náà pa, kó má lè pe ẹnikẹ́ni tàbí kó lo dátà, títí a ó fi san owó. Kí ilé-iṣẹ́ tó gbà kí ènìyàn máa lò kó tó san, ó lè béèrè ìwé àdírẹ́sì, owó ìdógò, tàbí lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ ibi tó ti ń ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká fi iye owó àpẹẹrẹ ṣírò rẹ̀. Ká ní aṣojú náà ń lo gígábáìtì 2 lójúmọ́ fún ọjọ́ iṣẹ́ 22, nítorí àwòrán ọjà, máàpù àti ìpàdé orí fídíò. Ìyẹn jẹ́ 44. Lórí prípéèdì, ó ra 40 ní ₦10,000, ó sì ra 4 tó kù ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní ₦500: ₦12,000 lápapọ̀. Lórí pósítípéèdì, ó gba ètò 50 ní ₦13,000. Bí owó-orí ọjà, ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, kò bá sí nínú iye náà, bíìlì yóò di ₦13,975. Prípéèdì dín ní ₦1,975, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹrin ni yóò dúró ra dátà kéékèèké. Bí oṣù bá wà tí iṣẹ́ kò pọ̀, tó lo 25 péré, èrè prípéèdì yóò tún ga sí i, nítorí ó lè ra ètò tó kéré jù.

Ìrìn láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn kì í yí owó padà. Kútọnu ló ń yí i. Ní tòsí Sẹ̀mẹ̀, fóònù lè gbá nẹ́tíwọ́ọ̀kì Bẹ̀nẹ̀ mú kí aṣojú tó kọjá ẹnubodè, kí owó àlejò sì bẹ̀rẹ̀. Lórí pósítípéèdì, owó yìí ń gorí bíìlì láì kígbe. Bí òdiwọ̀n rẹ̀ bá jẹ́ ₦20,000, tí ₦13,975 sì ti wà lórí rẹ̀, ₦6,025 ló kù fún gbogbo ìrìn náà. Lórí prípéèdì, owó lè tán níbi tí kò ti rọrùn láti ra káàdì Nàìjíríà. Dídáhùn ìpè pàápàá sábà máa ń gba owó níbẹ̀.

Nítorí náà, kí ó pa lílo dátà nílẹ̀ òkèèrè lórí fóònù náà kó tó dé ẹnubodè. Kí ó ra dátà àlejò ṣáájú ìrìn, tàbí kí ó fi orúkọ sílẹ̀ fún síìmù Bẹ̀nẹ̀ tí yóò máa lò fún dátà, kí ti Nàìjíríà sì wà nínú ihò kejì fún iṣẹ́ ìránṣẹ́ báńkì.

Ẹni tó ń fi owó ara rẹ̀ san, tí ìlò rẹ̀ sì ń yí padà lóṣooṣù, prípéèdì ló bá a mu. Ẹni tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ń san bíìlì, tó ń lo iye kan náà lóṣooṣù, yóò jàǹfààní pósítípéèdì, nítorí bíìlì kan ṣoṣo ni akọ̀wé owó yóò gbà. Kí ó kọ́kọ́ wo ìlò oṣù mẹ́ta nínú ètò fóònù rẹ̀, kí ó sì béèrè òdiwọ̀n gbèsè àti iye owó ìlò tó bá kọjá ètò kó tó fọwọ́ sí ìwé.