Ìlà Tó Kẹ́yìn Kò Tó Ẹ̀rí

Bí olùkọ́ kọ̀ǹpútà bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fi bọ́bùlù sọ́ọ̀tì to 7 3 9 2 5, kí èyí tó kéré jù ṣáájú, kò sẹ́ni tí kò lè kọ 2 3 5 7 9 sí ìsàlẹ̀ ìwé. Ọmọdé tó bá ti mọ nọ́ńbà lè kọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí ìlà tó kẹ́yìn kò fi lè jẹ́rìí pé iṣẹ́ àárín tọ̀nà. Bí ìlà náà ṣe rí lẹ́yìn ìrìn kọ̀ọ̀kan ló yẹ ká yẹ̀ wò, torí ibẹ̀ ni àṣìṣe ń sá pamọ́ sí.

Ìlànà náà kò le. Láti ọwọ́ òsì, a ó fi nọ́ńbà méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn wéra. Bí ti òsì bá ju ti ọ̀tún lọ, a ó pààrọ̀ àyè wọn. Bí kò bá jù ú lọ, a ó fi wọ́n sílẹ̀. A ó wá sún síwájú ní àyè kan ṣoṣo, a ó tún fi méjì mìíràn wéra, títí a ó fi dé ìparí. Ìrìn kan nìyẹn. Nínú ìrìn àkọ́kọ́ wa, 7 ju 3 lọ, a pààrọ̀ wọn. 7 kò ju 9 lọ, a fi wọ́n sílẹ̀. 9 ju 2 lọ, a pààrọ̀. 9 yẹn kan náà tún bá 5 pàdé, a tún pààrọ̀. Bí gbogbo rẹ̀ ṣe lọ rèé, ìlà kan fún ìrìn kan:

```
7 3 9 2 5
3 7 2 5 9
3 2 5 7 9
2 3 5 7 9
2 3 5 7 9
```

Ìlà méjì tó kẹ́yìn bára mu, kì í sì í ṣe àṣìṣe. Kọ̀ǹpútà kì í rí ìlà lódindi bí ojú èèyàn ṣe ń rí i. Méjì méjì ló ń wò. Ó dìgbà tó bá rin ìrìn kan láìpààrọ̀ ohunkóhun kó tó mọ̀ pé iṣẹ́ ti tán.

Àyẹ̀wò tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ ni pé lẹ́yìn ìrìn àkọ́kọ́, nọ́ńbà tó tóbi jù gbọ́dọ̀ wà ní ìparí. Lẹ́yìn ìkejì, méjì tó tóbi jù ni yóò wà níbẹ̀. Èyí ń mú ẹni tó fo àwọn méjì kan dá. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi 7 àti 3 wéra, tó sì bọ́ sórí 9 àti 2, tó wá dúró, 3 7 2 9 5 ni yóò kọ. 5 ló wà ní ìparí, àṣírí tú.

Ṣùgbọ́n ká ní 2 7 3 5 9 ló kọ ńkọ́? 9 wà láyè rẹ̀, nọ́ńbà kankan kò sọnù, síbẹ̀ ìlà náà kò tọ̀nà. Àyẹ̀wò kejì ló lè mú un, òun ni mo sì fẹ́ràn jù: nínú ìrìn kan, nọ́ńbà tí èyí tó tóbi jù ú bá wà níwájú rẹ̀, níbikíbi lọ́wọ́ òsì, yóò sún sí òsì ní àyè kan géérégé, kò ní dín, kò ní lé. Ìdí rẹ̀ ni pé èyí tó tóbi jù nínú àwọn tí a ti kọjá là ń gbé lọ sápá ọ̀tún. Tó bá pàdé kékeré, kékeré á bọ́ sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan, ìrìn náà á sì ti kọjá rẹ̀. Donald Knuth ṣàlàyé òfin yìí nínú apá kẹta ìwé rẹ̀, *The Art of Computer Programming*, ní 1973. Nínú ìlà tí akẹ́kọ̀ọ́ wa kọ, 2 ti fo láti àyè kẹrin dé àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò lè ṣẹlẹ̀.

Ẹni tó bá mọ òfin yìí lè kọ ìlà tó kàn láìfi nọ́ńbà wéra rárá. Nínú 7 3 9 2 5, èyí tó tóbi jù wọ́n ti wà níwájú 3, 2 àti 5. Kí wọ́n sún sí àyè kìíní, ìkẹta àti ìkẹrin. Àyè kejì àti ìkarùn-ún ṣẹ́ kù, ká to 7 àti 9 sí i bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra. 3 7 2 5 9 ló jáde, bó ṣe wà lókè. Mẹ́ta ló sún sí òsì, nítorí náà pípààrọ̀ mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ wáyé nínú ìrìn náà. A tilẹ̀ lè mọ iye ìrìn ṣáájú: 7, 3 àti 9 ló dí 2 lọ́nà, kò sì sí nọ́ńbà mìíràn tí ìdènà rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìrìn mẹ́ta ni iṣẹ́ yóò gbà, pẹ̀lú ọ̀kan tí a kò ní pààrọ̀ ohunkóhun.

Ibi kan wà tí wíwo ìlà nìkan kò tó. Ká ní 7 3 7 2 la fẹ́ tò, tí ẹni tó kọ ètò náà sì fi `>=` sí ibi tó yẹ kó fi `>` sí. Ìlà á máa dára lójú títí á fi di 2 3 7 7. Ṣùgbọ́n ní ìrìn kọ̀ọ̀kan, ètò náà á tún máa fi 7 pààrọ̀ 7, ìlà kò sì ní yí padà. Bó bá jẹ́ pé ìrìn tí kò sí pípààrọ̀ ló ń dúró dè kó tó parí, kò ní parí láéláé. Nítorí náà, ẹ kọ iye pípààrọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan. Níbi tí ìlà ti bá ti òkè rẹ̀ mu, òdo ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.