Eré Wo Ni Ti Ìgbì Rédíò?

Bí a bá yí rédíò sí 91.5 ní Adó-Èkìtì, iléeṣẹ́ rédíò Ìpínlẹ̀ Èkìtì ni a óò gbọ́. Ká ní ìdánwò bèèrè pé, báwo ni ìgbì wọn ti gùn tó? Eré ìgbì (v) ni iye ìmì rẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan (f) lọ́nà gígùn rẹ̀ (λ): v = fλ. Nítorí náà, a óò fi f pín v.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí: nítorí pé etí ni a fi ń gbọ́ rédíò, wọn a mú eré ohùn nínú afẹ́fẹ́, mítà 340. Ṣùgbọ́n ọmọ ìyá ìmọ́lẹ̀ ni ìgbì rédíò. Mítà 300,000,000 ni ó ń sá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. 91.5 ojú rédíò sì dúró fún ìmì 91,500,000.

300,000,000 ÷ 91,500,000 = mítà 3.28.

Ẹni tí ó lo 340 yóò rí ìgbì tí ó tín-ín-rín ju irun orí lọ. Kí ó wo irin eríàlì tí à ń fà yọ lára rédíò: ó sún mọ́ ìdámẹ́rin mítà 3.28.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá jáde lẹ́nu rédíò ni 340 tó wúlò. Bí ohùn náà bá mì ní ìgbà 170, gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 2.