Wákàtí mélòó ni àbá fi ń dúró?

Níbi tí àwọn tó ń kọ kóòdù bá ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀, ẹni tó kọ àtúnṣe kì í dédé kì í bọ inú áàpù. Á kọ́kọ́ gbé e síwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Lórí GitHub, `pull request` ni wọ́n ń kọ sí orí rẹ̀. Àbá ni n ó máa pè é níhìn-ín. Ẹlòmíràn á yẹ àbá náà wò, á ní kí wọ́n tún ibì kan ṣe tàbí kó fọwọ́ sí i, kí wọ́n tó wá dà á pọ̀ mọ́ kóòdù tí gbogbo wọn jọ ń lò.

Àkókò méjì ló yẹ ká wọ̀n. Èkíní ni ìgbà tí àbá fi dúró kí olùyẹ̀wò tó dáhùn. Èkejì ni gbogbo ìgbà tó gbà kí wọ́n tó dà á pọ̀. Tí ìdáhùn bá yá, àmọ́ tí ìdàpọ̀ pẹ́, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kò sí lọ́wọ́ olùyẹ̀wò nìkan: àbá lè tóbi jù, tàbí kí àríyànjiyàn pọ̀ lórí rẹ̀. Àṣẹ kan ṣoṣo ló ń kó dátà náà jáde:

```
gh pr list --state merged --limit 200 --json number,author,createdAt,mergedAt,reviews
```

Ẹni tí kò bá kọ `--limit` á rí ọgbọ̀n péré. Yọ `createdAt` kúrò nínú `mergedAt`, àkókò ìdàpọ̀ nìyẹn. Ti ìdáhùn gba sùúrù díẹ̀, torí inú `reviews` ni `submittedAt` wà, gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ kọ́ sì ni ìdáhùn olùyẹ̀wò. Bọ́ọ̀tì lè ti sọ̀rọ̀ kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Ẹni tó ni àbá náà lè fèsì sí ìbéèrè, kí èsì rẹ̀ wọlé gẹ́gẹ́ bí àyẹ̀wò. Ẹ yọ méjèèjì kúrò. Bákan náà, àbá tí wọ́n ṣí nígbà tó ṣì jẹ́ `Draft` ti ní `createdAt` kó tó ṣe é yẹ̀ wò. Ìgbà tí wọ́n kéde pé ó ti tó wò ló yẹ kí aago bẹ̀rẹ̀, ìyẹn `ready_for_review` nínú ìtàn àbá náà.

Ẹ jẹ́ ká wá fi àbá mẹ́sàn-án ṣe àpẹẹrẹ, pẹ̀lú wákàtí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà: 2, 3, 3, 4, 5, 6, 8, 30 àti 200. Tí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ tí a sì pín in sí mẹ́sàn-án, wákàtí 29 la ó rí, bẹ́ẹ̀ méje nínú wọn kò tó wákàtí mẹ́sàn-án. Àbá kan ló fa gbogbo rẹ̀ sókè. Tí a bá tò wọ́n láti orí kékeré dé ńlá, tí a sì mú èyí tó wà láàárín, 5 ni. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń gbára lé iye àárín.

Ṣùgbọ́n iye àárín pàápàá lè tan ènìyàn nígbà tí a bá ń wo bí nǹkan ṣe ń lọ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Ká ní àbá mẹ́jọ ni wọ́n ń dà pọ̀ lọ́sẹ̀, tí iye àárín sì jẹ́ wákàtí mẹ́fà. Ní gbogbo àkókò yẹn, àbá mẹ́sàn-án mìíràn wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kà, ó sì ti lé ní oṣù kan. Lọ́sẹ̀ kan, wọ́n pinnu láti palẹ̀ wọn mọ́. Mẹ́jọ tuntun àti mẹ́sàn-án ògbólógbòó di mẹ́tàdínlógún. Ìkẹsàn-án ló wà láàárín, ògbólógbòó sì ni. Iye àárín fò láti wákàtí mẹ́fà sí ohun tó ju oṣù kan lọ, lọ́sẹ̀ tí wọ́n ṣiṣẹ́ jù lọ! Ọ̀gá tó bá wo àwòrán yẹn á bá wọn wí. Àwọn ọ̀sẹ̀ tí àbá fi ń jẹrà nílẹ̀ ló dára lójú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan nínú àṣẹ wa ló fà á: `merged`. Èyí tí wọn kò tíì dà pọ̀ kò sí nínú dátà náà rárá. Tí a bá sì fi ọjọ́ tí wọ́n ṣí àbá pín in dípò ọjọ́ ìdàpọ̀, ọ̀sẹ̀ tó kọjá yìí á máa dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ nígbà gbogbo, torí èyí tó yá nìkan ló tíì parí.

Ohun tí mo rí tó ń ṣiṣẹ́ ni pé ká fi `--state all` rọ́pò rẹ̀, ká wá béèrè pé: nínú gbogbo àbá tí wọ́n ṣí lọ́sẹ̀ yìí, mélòó ni wọ́n dà pọ̀ kí wákàtí 72 tó pé? Tí wọ́n bá ṣí mẹ́wàá, tí méje bọ́ sí i, ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Mẹ́ta tó kù ṣì wà nínú ìṣirò, yálà wọ́n ṣì ń dúró tàbí wọ́n ti pa wọ́n dé láìdà wọ́n pọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbọ́dọ̀ ti kọjá lórí àbá tó gbẹ̀yìn ọ̀sẹ̀ ká tó kà á. Níbi tí àbá kò bá sì ju mẹ́wàá lọ lọ́sẹ̀, àbá kan ṣoṣo lè yí ìdá náà padà ní 10. Nírú ibẹ̀, oṣù kan sí oṣù kejì ni kí ẹ fi wéra.