Ṣé Ṣíà Yìí Wọ́n? Bí A Ṣe Ń Ka P/E

Ní ìparí ọdún 2023, ẹni tó bá fẹ́ ra ṣíà ẹyọ kan nínú ilé-iṣẹ́ Nestlé Nàìjíríà máa san nǹkan bí 1,100 náírà. Lásìkò kan náà, ṣíà Báńkì Zenith kò tó 39 náírà. Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ èèyàn pé èwo ló wọ́n nínú méjèèjì, kò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó dárúkọ Nestlé. Ó lè jẹ́ òótọ́, àmọ́ kì í ṣe iye owó yẹn ló máa jẹ́ ká mọ̀. Ṣíà Nestlé lápapọ̀ kò pé 800 mílíọ̀nù. Ti Zenith nígbà náà lé ní bílíọ̀nù 31. Bí Zenith bá kó ṣíà rẹ̀ pọ̀ ní ogún-ogún, tó sọ ogún di ẹyọ kan, ẹyọ kan á di nǹkan bí 770 náírà, síbẹ̀ kò sí ohun tó yí padà nínú báńkì náà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ àwọn tó máa ń sọ pé "ṣíà náírà mẹ́ta-mẹ́ta ni kí ẹ bá mi rà, ìyẹn ni kò wọ́n" fi máa ń kọ mí lóminú.

Ohun tó yẹ ká béèrè ni pé èrè mélòó ni owó yìí ń rà fún mi. Ẹni tó fẹ́ ra ilé tí ayálégbé wà nínú rẹ̀ máa ń ṣírò iye ọdún tí owó ilé máa fi kó owó tó fi rà á jọ. Irú ìṣirò yẹn náà ni wọ́n ń pè ní P/E nídìí ọjà ṣíà:

```
P/E = iye owó ṣíà kan ÷ èrè ọdún kan lórí ṣíà kan
```

Iye owó ṣíà kò ṣòro láti rí. Ojoojúmọ́ tí ọjà ṣíà Èkó bá ṣí ni wọ́n ń gbé e jáde. Èrè lórí ṣíà kan ló ń fẹ́ sùúrù. Inú ìwé ìṣirò owó tí ilé-iṣẹ́ ń gbé jáde ló wà, ní ìsàlẹ̀ ojú ewé tí wọ́n ti ṣírò èrè àti àdánù. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀, torí kọ́bọ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà fi ń kọ ọ́, nígbà tó jẹ́ pé náírà ni iye owó ṣíà. Fún ọdún 2023, 2,155 kọ́bọ̀ ni ti Zenith, ìyẹn náírà 21 àti kọ́bọ̀ 55. Ẹ tún máa rí i pé òpó méjì ni wọ́n sábà ń tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn: ọ̀kan fún báńkì náà pẹ̀lú àwọn ẹ̀ka rẹ̀, èkejì fún báńkì náà nìkan. Ẹni tó ra ṣíà ti ra gbogbo rẹ̀ pọ̀, torí náà òpó àkọ́kọ́ ni kí ẹ lò.

Àṣìṣe míì tí mo ń rí lemọ́lemọ́ ni kí èèyàn mú èrè oṣù mẹ́ta pín iye owó ṣíà. Ìwé tí wọ́n gbé jáde fún oṣù kìíní sí oṣù kẹta kò tíì sọ ti ọdún kan, P/E tó bá sì tinú rẹ̀ jáde á dà bíi pé ṣíà náà wọ́n gan-an. Bí ẹ bá fẹ́ èrè ọdún kan tó dé ọjọ́ òní, ẹ mú èrè ọdún tó kọjá lódindi, ẹ fi èrè oṣù mẹ́ta ọdún yìí kún un, kí ẹ wá yọ èrè oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún tó kọjá kúrò. Oṣù méjìlá gééré ló máa ṣẹ́kù.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò ti Zenith. Ìparí ọdún 2023, 38.65 náírà ni ṣíà kan. Bí a bá fi 21.55 pín in, nǹkan bí 1.8 ló máa jáde. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé bí báńkì náà bá ń pa iye èrè yẹn lọ́dọọdún, kò ní pé ọdún méjì tí èrè á fi kó gbogbo owó tí ẹ fi ra ṣíà náà jọ. Ta ló máa ń ta irú nǹkan bẹ́ẹ̀? Bí ẹ bá rí P/E tó kéré báyìí, ẹ má tíì yọ̀. Ìwé èrè yẹn ni kí ẹ padà sí, kí ẹ wo ohun tó bí èrè náà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún yẹn rèé. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa dá iye rẹ̀. Dọ́là kan tí wọ́n ń kọ ní nǹkan bí 460 náírà nínú ìwé nígbà tí ọdún bẹ̀rẹ̀ ti di nǹkan bí 900 kí ọdún tó parí. Báńkì tó ní ohun ìní ní dọ́là ju gbèsè dọ́là tó jẹ lọ kò ṣe ju kó jókòó lọ. Ẹgbẹ̀rún kan dọ́là tó wà nínú ìwé rẹ̀ ní 460,000 náírà di 900,000, wọ́n sì kọ ìyàtọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ bí èrè. Kò tíì ta dọ́là náà, kò sì yá ẹnikẹ́ni lówó tuntun. Ní oṣù kẹsàn-án, Báńkì Àpapọ̀ kìlọ̀ fún àwọn báńkì pé wọn kò gbọ́dọ̀ fi irú èrè bẹ́ẹ̀ san dífídẹ́ǹdì tàbí kí wọ́n fi gbọ́ ìnáwó iṣẹ́.

Ìgbà tí náírà bá tún já wálẹ̀ nìkan ni irú èrè yẹn tún lè wá. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ṣíà náà ṣe wọ́n tó máa fẹ́ dán an wò pẹ̀lú èrè ọdún tí kò ní ìjì nínú. Lọ́dún 2022, èrè Zenith lórí ṣíà kan jẹ́ náírà 7 àti kọ́bọ̀ 14. Bí a bá fi ìyẹn pín 38.65, P/E á di nǹkan bí 5.4. Ṣíà kan náà ni, iye owó kan náà ni, síbẹ̀ èrè tí a yàn ló sọ 1.8 di ohun tó tó ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀. Èmi kì í gba P/E ẹyọ kan gbọ́ fún báńkì tàbí ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì, tí èrè wọn máa ń lọ sókè sódò. Èrè ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni mo máa ń tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn.

Dífídẹ́ǹdì tún ń jẹ́rìí sí i. Fún ọdún 2023, Zenith pín 4 náírà lórí ṣíà kan nínú 21.55 tó pa, kò tó ìdámárùn-ún. Bí a bá fi iye owó ṣíà pín 4 náírà, ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ló máa jáde, kí wọ́n tó yọ owó orí ìdá 10 tí ìjọba ń mú nínú dífídẹ́ǹdì. Ohun tó wọ àpò olówó nìyẹn. Bí P/E bá ní ṣíà kò wọ́n rárá, tí dífídẹ́ǹdì sì kéré sí èrè báyìí, ìbéèrè ńlá wà nílẹ̀ nípa ibi tí èrè tó kù ń lọ.

Ti Nestlé wá yàtọ̀. Náírà kan náà tó já ló pọ́n èrè báńkì sókè, òun náà ló sì gbé èrè Nestlé lọ, torí ilé-iṣẹ́ náà jẹ gbèsè dọ́là. Ó pàdánù ohun tó lé ní bílíọ̀nù 79 náírà lọ́dún 2023. Bí ilé-iṣẹ́ bá pàdánù, P/E kò ní ìtumọ̀ mọ́. Àwọn ojúlé tó ń gbé iye owó ṣíà jáde lè fi àmì kékeré kan síbẹ̀, tàbí kí wọ́n kọ nọ́ńbà tó kéré ju òdo lọ, àwọn kan sì máa ń ṣi èyí kà bíi pé ṣíà náà kò wọ́n. Níbí náà, ọdún tó ṣáájú ló lè ràn wá lọ́wọ́. Pẹ̀lú èrè ọdún 2022, tó tó nǹkan bí 62 náírà lórí ṣíà kan, 1,100 náírà máa fún wa ní P/E tó tó nǹkan bí 18.

Ṣé 18 wá wọ́n? A kò lè dáhùn ìyẹn láì wo ohun míì tí owó wa lè ṣe. Ẹ yí P/E dojú dé, kí ẹ fi í pín 100. 18 máa fún wa ní nǹkan bí 5.5: lórí ọgọ́rùn-ún náírà tí ẹ fi ra ṣíà náà, náírà márùn-ún àtààbọ̀ ni èrè ilé-iṣẹ́ tó kàn yín lọ́dún. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, tirẹ́ṣọ̀ bíìlì ọlọ́dún kan, ìyẹn owó tí ìjọba ń yá lọ́wọ́ ará ìlú, ń mú èrè tó ju 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ wá. P/E tó bá 20 yẹn dọ́gba ni 5. Ẹni tó bá ra ṣíà ní 18 nígbà náà gbọ́dọ̀ ní ìdí tó fi gbà pé èrè ilé-iṣẹ́ náà máa tún padà, kó sì máa dàgbà kíákíá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lórílẹ̀-èdè tí owó èlé ti kéré, 18 lè máà ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù. Ìdí rèé tí kò fi dáa ká gbé P/E Amẹ́ríkà wá fi díwọ̀n ti Èkó.

Ohun kan tún wà tí P/E àná kì í sọ: iye ṣíà lè pọ̀ sí i. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, Báńkì Àpapọ̀ ní kí báńkì tó bá ń ṣiṣẹ́ dé òkèèrè ní owó ìpìlẹ̀ bílíọ̀nù 500 náírà. Zenith ta ṣíà tuntun, iye ṣíà rẹ̀ sì kúrò ní bílíọ̀nù 31.4, ó lé ní 41. Èrè tó pa lọ́dún 2023, bílíọ̀nù 676.9, jẹ́ 21.55 lórí ṣíà kan nígbà tí wọ́n kéré. Bí a bá pín èrè yẹn kan náà fún bílíọ̀nù 41, á di nǹkan bí 16.5. Lóòótọ́, owó tuntun tó wọlé máa ṣiṣẹ́ tirẹ̀, àmọ́ ẹni tó ń ra ṣíà nígbà tí irú àṣẹ báyìí ti jáde gbọ́dọ̀ fi iye ṣíà tuntun ṣe ìṣirò.

Nígbà tí ìwé ọdún 2024 dé, èrè Zenith lé ní tírílíọ̀nù kan náírà, ìyẹn 32.87 lórí ṣíà kan. Owó èlé tó ń wọlé fún un ti ju ìlọ́po méjì ti ọdún tó ṣáájú lọ, torí èlé ga káàkiri orílẹ̀-èdè. Iye owó ṣíà náà kúrò ní 38.65, ó gòkè dé nǹkan bí 45 náírà ní ìparí ọdún 2024. Ẹni tó ń wo iye owó nìkan máa sọ pé ó ti wọ́n sí i. Ẹ fi 32.87 pín 45: P/E rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ láti 1.8 dé nǹkan bí 1.4.