Ìdin Mẹ́rin Nítòsí, Ìdin Méje Lókèèrè

Àbúrò mi obìnrin tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìṣesí ẹranko ní yunifásítì gbé iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ wá bá mi lọ́jọ́ Sátidé kan. Tìbínú-tìbínú ló fi gbé e wá. Ó ti ṣe ìṣirò náà lẹ́ẹ̀mejì, ohun kan náà ló sì ń já sí: kí ẹyẹ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ máa mú ìdin kan ṣoṣo lọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ nínú ìtẹ́, kó tún fò padà wá mú ẹyọ kan mìíràn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí o. Ẹyẹ wo ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

Mo ní kò sí. A ó dé ibi tó ti ṣì í, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹyẹ náà, torí ẹni tí kò bá mọ bó ṣe ń jẹun kò lè mọ ohun tí ìṣirò náà ń wá.

Sítálíǹgì ni wọ́n ń pè é. Ó wọ́pọ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó dúdú, ìyẹ́ rẹ̀ a sì máa dán bí ẹni pé wọ́n ta epo sí i lára. Nígbà tó bá ń tọ́mọ, orí pápá koríko ló ti ń wá àwọn ìdin tó ń gbé inú ilẹ̀. Yóò ki ẹnu rẹ̀ bọ àárín koríko ní pípadé, yóò wá yà á nígbà tó bá ti wọlé, kí koríko lè là sọ́tùn-ún sósì, kó sì rí ohun tó wà nísàlẹ̀. Ìdin àkọ́kọ́ kì í pẹ́ rí. Àmọ́ kò ní àpò tó máa kó o sí, ẹnu náà ni yóò fi há a. Nígbà tí ìdin bá fi di mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹnu tó yẹ kó máa fi la koríko ti di ẹnu tó ń di ẹrù mú. Ìdí nìyẹn tí ìdin kọ̀ọ̀kan fi ń gba àkókò ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ. Ìdin kò tán nínú ilẹ̀ o, ẹnu ló kún.

Ọ̀rọ̀ wá di pé: ìgbà wo ni kó gbéra? Bó bá tètè lọ, yóò ti fò lọ fò bọ̀ nítorí ẹrù táṣẹ́rẹ́. Bó bá pẹ́ jù, yóò máa fi àkókò tó pọ̀ wá ìdin kan ṣoṣo, nígbà tí àwọn ọmọ ń ké nílé.

Láti ọdún 1966 ni irú ìbéèrè yìí ti di ohun tí wọ́n ń fi ìṣirò dáhùn. Lọ́dún náà ni Robert MacArthur àti Eric Pianka kọ ìwé kan, tí Merritt Emlen náà sì kọ tirẹ̀, lórí bí ẹranko ṣe ń yan oúnjẹ. Ohun tó wà nídìí èrò wọn ni pé ẹranko tó bá ń rí oúnjẹ púpọ̀ láàárín àkókò kúkúrú ni yóò lọ́mọ lẹ́yìn ju ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, nítorí náà ó yẹ ká lè ṣírò ọ̀nà ìjẹun tó lérè jù, ká sì lọ wò ó bóyá òun ni ẹranko ń tọ̀. Lọ́dún 1976, Eric Charnov, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wá dáhùn ìbéèrè ìgbà tó yẹ kí ẹranko kúrò níbi tó ti ń jẹ. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní òfin èrè àfikún. Ó ní kí ẹranko kúrò nígbà tí ohun tó kù tó máa rí níbẹ̀ bá ti ń falẹ̀ ju ìpíndọ́gba gbogbo ìrìn rẹ̀ lọ, àkókò tó fi rìnrìn àjò náà sì gbọ́dọ̀ wà nínú ìpíndọ́gba yẹn.

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn gan-an ni àbúrò mi fò kọjá.

Àwọn iye tí olùkọ́ wọn fún wọn nìyí, fún ìdánrawò ni, kì í ṣe pé ẹnì kan wọ̀n wọ́n lórí pápá. Ìdin àkọ́kọ́ ń gba ìṣẹ́jú àáyá 3, ìkejì 4, ìkẹta 5, ìkẹrin 7, ìkarùn-ún 9, ìkẹfà 12, ìkeje 16, ìkẹjọ 22. Pápá méjì ló wà. Lílọ àti bíbọ̀ láàárín ìtẹ́ àti pápá tòsí jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 10, ti ọ̀nà jíjìn jẹ́ 60. Ìdin mélòó ni kó máa mú wálé láti ọ̀kọ̀ọ̀kan?

Ìlànà tó wà nínú ìwé wọn ni `R = n / (T + t)`. Iye ìdin ni `n`, àkókò ìrìn ni `T`, àkókò tó fi wá ìdin ni `t`, `R` sì ni iye ìdin tó ń wọlé láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó tọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹ̀sùn mi sí i ni pé ìda-ìda kéékèèké ló máa ń bí. Mo ní kó yí i po, kó bi ara rẹ̀ pé ìṣẹ́jú àáyá mélòó ni ìdin kọ̀ọ̀kan ná ẹyẹ náà. Èyí tó bá kéré jù ló jẹ wá lógún.

A bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pápá tòsí. Bó bá mú ìdin kan, 10 ti ìrìn àti 3 ti wíwá jẹ́ 13: ìdin yẹn ná an ní 13. Bó bá mú mẹ́ta, wíwá jẹ́ 12, gbogbo rẹ̀ 22, ẹ pín in sí mẹ́ta, ó di 7.33. Bó bá mú mẹ́rin, wíwá di 19, gbogbo rẹ̀ 29, ìdin kọ̀ọ̀kan 7.25. Bó bá mú márùn-ún, gbogbo rẹ̀ 38, ìdin kọ̀ọ̀kan 7.6. Iye náà ti ń gòkè padà. Mẹ́rin ni ìdáhùn.

Ọ̀nà jíjìn wá ńkọ́? Ìdin mẹ́rin níbẹ̀ jẹ́ 79 lápapọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan 19.75, èyí tó pọ̀ púpọ̀. Mẹ́fà jẹ́ 100, ọ̀kọ̀ọ̀kan 16.67. Méje jẹ́ 116, ọ̀kọ̀ọ̀kan 16.57. Mẹ́jọ jẹ́ 138, ọ̀kọ̀ọ̀kan 17.25. Méje ni.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ló kàn. Ẹ fi òfin Charnov yẹ̀ ẹ́ wò. Nítòsí, ìpíndọ́gba tó dára jù ni 7.25. Ìdin kẹrin gba 7, ó yá ju ìpíndọ́gba lọ díẹ̀, kó mú un. Ìkarùn-ún yóò gba 9, ó falẹ̀ jù ú lọ, kó fi í sílẹ̀. Lókèèrè, ìpíndọ́gba jẹ́ 16.57. Ìkeje gba 16, kó mú un. Ìkẹjọ yóò gba 22, kó máa lọ sílé. Ẹyẹ kan náà ni, irú ilẹ̀ kan náà, ẹnu kan náà. Síbẹ̀ ó fi ìdin tí ìbá gba 9 péré sílẹ̀ níhìn-ín, ó sì fara da 16 lọ́hùn-ún. Kì í ṣe pé ó di ọ̀kánjúwà lọ́nà jíjìn. Ohun tó máa rí tó bá gbéra ló ti kéré, nítorí náà ìdúró di ohun tó lérè.

Àbúrò mi ní tirẹ̀ ti pín iye ìdin pẹ̀lú àkókò wíwá nìkan. Bí a bá yọ ìrìn kúrò, ìdin àkọ́kọ́ tó gba 3 ni yóò máa gbégbá orókè títí ayé. Ẹni tó bá rí ìdáhùn "ẹyọ kan" nínú irú iṣẹ́ yìí kó lọ wo inú ìpín rẹ̀, bóyá ìrìn ti jábọ́. Àṣìṣe kejì tó wọ́pọ̀ láàárín wọn ni pé kí ẹyẹ dúró títí oúnjẹ yóò fi tán pátá. Òfin náà ní kó fi oúnjẹ sílẹ̀ níbẹ̀.

Ó kù ohun kan tí olùkọ́ kì í sábà sọ. Ẹ wo 7.33 àti 7.25 lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìyàtọ̀ ìdin mẹ́ta àti mẹ́rin kò tó nǹkan, bẹ́ẹ̀ náà ni ti mẹ́fà àti méje. Bí ẹ bá lọ sórí pápá tí ẹ sì rí ẹyẹ tó ń mú mẹ́ta wálé, ẹ má sáré sọ pé ó ṣàṣìṣe tàbí pé òfin náà ti wó.

Wọ́n dán an wò lórí ẹyẹ gidi. Alex Kacelnik ti Yunifásítì Oxford tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde lọ́dún 1984. Ó kọ́ àwọn sítálíǹgì tó ń tọ́mọ láti máa wá sídìí àwo pákó kan, níbi tó ti ń ju ìdin sílẹ̀ fún wọn lẹ́yọ lẹ́yọ láti inú ọ̀pá. Òun fúnra rẹ̀ ló ń mú kí àkókò àárín ìdin kan sí èkejì máa gùn sí i, nítorí náà ó mọ iye tí ìdin kọ̀ọ̀kan ná ẹyẹ láìsí pé ó ń fojú díwọ̀n. Ó wá ń gbé àwo náà súnmọ́ ìtẹ́, ó ń gbé e jìnnà, láti nǹkan bíi mítà 8 títí dé 600. Bí ọ̀nà ṣe ń jìn, bẹ́ẹ̀ ni ẹrù ẹnu wọn ń pọ̀ sí i, bí òfin náà ṣe wí.

Àmọ́ kíka ìdin àti àkókò nìkan kò bá iye tí wọ́n ń mú mu tán. Ìṣirò tó súnmọ́ ọn jù ni èyí tó tún yọ agbára tí òbí ń ná lórí fífò àti èyí tí àwọn ọmọ ń ná nínú ìtẹ́ kúrò nínú èrè. Èyí tún mọ́ gbọnbọn lójú mi ju pé kí ìlànà kékeré kan bá gbogbo rẹ̀ mu pátápátá, torí ẹnu ọmọ ni ìdin ń lọ.

Ewu náà kò sí nínú àwọn iye olùkọ́ yẹn. Lọ́dún 1988, Joel Brown fi hàn pé bí a bá da hóró irúgbìn pọ̀ mọ́ yanrìn nínú àwo, ẹranko a máa fi púpọ̀ sílẹ̀ nínú àwo tó wà ní gbangba ju èyí tó wà lábẹ́ igbó lọ, torí ní gbangba ni nǹkan ti lè gbé e. Ìbẹ̀rù náà ní iye tirẹ̀, ó sì ń lé ẹranko kúrò kí ìṣirò ìdin tó ní kó kúrò.

Àbúrò mi tún un ṣe tán kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìbéèrè kan ṣẹ́kù lórí ìwé náà, pápá kẹta tí ìrìn rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 20. Ẹ gbé bírò kí ẹ fúnra yín ṣe é. Bí ẹ bá rí 9.6, ẹyẹ yín ń mú ìdin márùn-ún wálé.